Orí ìwé tí wọ́n síkáànì: báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí mo lè tún ṣe, kí ìpínrọ̀ àti àkọlé má fọ́nká?

Ọmọ Ìjerò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Orí kan nínú ìwé ìtàn ìlú wa ni mo fẹ́ tún tẹ̀. Ìwé náà kò sí lórí àtẹ mọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ wà lọ́wọ́ bàbá kan ní Ìjerò níbí, àwọn ni wọ́n gbà kí n síkáànì Orí Kẹta. Ojú ìwé 24 ni. Méjì méjì ni mo ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí náà àwòrán 12 ló wà nínú PDF náà, ó sì tó 31 MB. Orí ogun Kírìjì àti Èkìtìparapọ̀ ni. Ó ní àkọlé ńlá kan àti àkọlé kéékèèké márùn-ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn tẹ̀wé. Wọ́n gba owó, wọ́n sì dá ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan padà fún mi láti òkè délẹ̀, kò sí ìpínrọ̀ kankan nínú rẹ̀. Àwọn àkọlé ti wọ inú gbólóhùn lọ. Ẹ wo bí ibì kan ṣe kà:

"…àwọn ọmọ ogun náà sì dúró sí ÌTÀN ÌLÚ WA 67 ẹ̀yìn odi títí ilẹ̀ fi ṣú."

Orúkọ ìwé tó máa ń wà lókè ojú ìwé àti nọ́ńbà ojú ìwé ni ó há sáàárín gbólóhùn yẹn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ tẹ orí náà jáde, àwọn àgbà sì ti sọ pé kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní ibi tí òǹkọ̀wé fi í sí. Mo ní láptọ́ọ̀pù, Word wà lórí rẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n, èyí ò le rárá. Ẹ gbé PDF yẹn sí Google Drive, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Open with, kí ẹ yan Google Docs. Yóò sọ àwòrán náà di ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ da ọ̀rọ̀ náà sínú Word. Ẹ óò rí i pé ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ewì. Ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ kọ `^p` sí Find what, ẹ fi àlàfo kan ṣoṣo sí Replace with, kí ẹ wá tẹ Replace All. Gbogbo ìlà á so pọ̀. Èmi fi ṣe nóòtì kíláàsì mi, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìyá Ìkọ̀lé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà níwọ̀n ìgbà tí ẹ wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ ni mí. Mo ní PDF ìbéèrè ìdánwò Yorùbá àtijọ́ kan. Mo lè fi máòsì kun ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mo sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti gbé e sínú Word, gbogbo ọ̀ àti ẹ́ á di àmì tí n kò mọ̀ rí, bí ìgbà tí ènìyàn da ìlẹ̀kẹ̀ nù. Ṣé Google Drive yìí ni kí n lò?

Atẹ̀wé Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé.

Ìyá Ìkọ̀lé, ti yín yàtọ̀ sí ti Ọmọ Ìjerò. Bí ènìyàn bá lè fi máòsì kun ọ̀rọ̀ nínú PDF, ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àwòrán lásán. Fọ́ǹtì àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ ìyẹn. Láyé ọjọ́un, a máa ń gbẹ́ ẹ̀ sí ipò lẹ́tà mìíràn nínú fọ́ǹtì, ojú á rí i bí ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n sí nǹkan mìíràn. Ohun tí ó rọrùn jù fún yín ni kí ẹ sọ ojú ìwé yẹn di àwòrán, kí ẹ wá tẹ̀ lé ohun tí a fẹ́ sọ fún Ọmọ Ìjerò. Ohun tí ojú rí ni ẹ̀rọ yóò kà, kì í ṣe ohun tí fọ́ǹtì fi pa mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́, ìdajì àkọ́kọ́ ìmọ̀ràn rẹ dára. Ìdajì kejì ló ṣe Ọmọ Ìjerò ní ohun tó ń sunkún lé yẹn. `^p` ni àmì tí Word fi ń mọ òpin ìpínrọ̀. Bí o bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, òpin ìlà lọ, òpin ìpínrọ̀ náà bá a lọ, àkọlé náà bá wọn lọ. Nóòtì kíláàsì kò ní ìpínrọ̀ tó ṣòro, o kò sì ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó fà á. Èmi ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé pẹ́. Nínú lẹ́tà tí a ń kọ sórí kọ̀ǹpútà lónìí, àlàfo ìlà kan ló ń ya ìpínrọ̀ sọ́tọ̀. Ìwé tí a tẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo kankan kò sí láàárín ìpínrọ̀ méjì níbẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ la máa ń tì wọlé díẹ̀, bíi milimítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kékeré tó wà ní etí òsì yẹn nìkan ni ẹ̀rí pé ìpínrọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sọ àwòrán di ọ̀rọ̀, lẹ́tà ló ń wá, kò ka àlàfo etí sí nǹkan kan. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí yẹn kí ó tó nù, ẹ ò lè dá a padà lẹ́yìn tó bá ti lọ.

Torí náà, iṣẹ́ yín pọ̀ jù lórí àwòrán, kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀. Ẹ gba ScanTailor Advanced, ọ̀fẹ́ ni. Kì í gba PDF, àwòrán ló ń gbà, ẹ óò kọ́kọ́ yọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan jáde. Níbẹ̀, Split Pages ni yóò gé ojú ìwé méjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Deskew ni yóò tọ́ èyí tó bá wọ́. Ẹ wá dúró dáadáa ní Select Content. Àpótí kan á yí gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ìwé ká. Ẹ fa etí òkè rẹ̀ wálẹ̀ títí orúkọ ìwé tó wà lókè á fi bọ́ síta, kí ẹ fa etí ìsàlẹ̀ sókè títí nọ́ńbà ojú ìwé náà á fi bọ́ síta. Ohun tí ẹ kò bá fi sínú àpótí, ẹ̀rọ kò ní kà á. Bí "ÌTÀN ÌLÚ WA 67" ṣe máa kúrò nínú gbólóhùn yín nìyẹn. Ojú ìwé 24, bóyá wákàtí kan.

Ní Output, ẹ yí 600 tí ó sábà máa ń wà níbẹ̀ sí 300. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà yóò sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ọ̀dọ́ Adó

Èmi lẹ pè ní ẹni nọ́ńbà yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú làálàá.

Ọmọ Ìjerò, ẹ kọ́kọ́ fi èyí mọ bí síkáànì yín ti rí. Ohun èlò tó ń jẹ́ Poppler ni wọ́n ti wá, ẹ lè fi í sórí Windows:

```
pdffonts ori3.pdf
pdfimages -list ori3.pdf
```

Bí `pdffonts` kò bá mú fọ́ǹtì kankan jáde lábẹ́ àwọn àkọlé rẹ̀, àwòrán lásán ni PDF yín. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ wo abẹ́ `x-ppi`. Bí ó bá tó 300, ó dára. Bí ó bá jẹ́ 150 tàbí kéré sí i, ẹ padà lọ síkáànì. Bí ẹ bá mú àwòrán kékeré yẹn tóbi sí i, kì í mú lẹ́tà tuntun wọlé, ó kàn ń mú ìdọ̀tí tóbi. Àmì tó wà lábẹ́ ọ àti ẹ ni ó máa kọ́kọ́ ń kú nínú síkáànì tí kò tó.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ àwòrán:

```
pdftoppm -r 300 -gray -png ori3.pdf oju
```

`oju-01.png` títí dé `oju-12.png` ni yóò jáde. Ẹ gbé wọn sínú ScanTailor bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. Èyí tí yóò jáde á máa jẹ́ `oju-01_1L.tif` fún ojú òsì, `oju-01_2R.tif` fún ojú ọ̀tún. Ẹ má ṣe yí orúkọ wọn padà, òun ló ń tò wọ́n.

Fún kíkà, mo ń lo Tesseract. Bí ẹ bá ń fi sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá Yoruba láàárín àwọn èdè kí ẹ mú un, torí kì í bá a wá fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì kà á, ẹ á di e, ọ á di o, ṣ á di s, ẹ óò sì jókòó fi ọwọ́ dá gbogbo wọn padà.

```
tesseract oju-01_1L.tif 01L -l yor --psm 4 -c page_separator="" txt hocr
```

Fáìlì méjì ni yóò fún yín. `01L.txt` ni ọ̀rọ̀. `01L.hocr` ni ẹ̀rí etí òsì tí ẹ̀gbọ́n ń sọ. Ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ óò rí irú èyí fún ìlà kọ̀ọ̀kan:

```
title="bbox 236 412 1496 458; ... x_size 46; ..."
title="bbox 298 470 1494 516; ... x_size 46; ..."
title="bbox 236 528 1495 574; ... x_size 46; ..."
```

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn `bbox` ni bí ìlà náà ṣe jìnnà sí etí òsì. Èkíní 236, ẹ̀kẹta 236, ṣùgbọ́n ìkejì 298. Ó fi 62 wọlé ju àwọn yòókù. Ní 300 dpi, milimítà márùn-ún jẹ́ nǹkan bí 59. Torí náà ìlà kejì yẹn ni ìpínrọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀. `x_size` ni gíga lẹ́tà. Bí gbogbo ìlà bá jẹ́ 46, tí ọ̀kan wá jẹ́ 58, àkọlé ni ẹ ń wò yẹn.

Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tọ́ àwòrán kí ẹ tó kà á rèé. Bí ojú ìwé bá tẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì kan péré, etí òsì ìlà tó wà nísàlẹ̀ á fi nǹkan bí 33 yàtọ̀ sí ti òkè. Èyí ju ìdajì 62 lọ. Ìlà tí kì í ṣe ìpínrọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ mi sọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tesseract yìí, mo ti fi Google àti òun ka ojú ìwé kan náà wò. Lọ́dọ̀ tèmi, Google mú àmì ohùn tó wà lórí ọ́ àti ẹ̀ ju Tesseract lọ. Tesseract ń rí kókó ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń fo àmì òkè. Ṣé kì í ṣe Google ni kí Ọmọ Ìjerò fi kà á, kí ó sì gé PDF kéékèèké? Ìlànà wọn sọ pé kí fáìlì má ju 2 MB lọ.

Ọ̀dọ́ Adó

Ó rí bẹ́ẹ̀ lójú ìwé kan, lójú ìwé mìíràn mo rí òdì kejì rẹ̀. Irú ìtẹ̀wé ló ń fà á. N kò ní bá ọ jiyàn. Ẹni tó bá fi Google kà á náà lè fi Tesseract yọ `.hocr` lásán, kí ó fi wá ibi tí ìpínrọ̀ wà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ Google ṣe ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e fún Google, kí ó ti gé orúkọ òkè àti nọ́ńbà kúrò. Ìwọ̀n lẹ́tà àkọlé ṣòro láti gbára lé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti dé Google Docs.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Olùkọ́ Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ sọ. Èkíní ni ìsopọ̀. Nínú ìwé tí a tẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá gba òpin ìlà ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á fi dáàṣì kékeré sí i. Ẹni tí ó bá ń so ìlà pọ̀ yóò fẹ́ pa gbogbo dáàṣì òpin ìlà rẹ́. Ní Èkìtì wa níbí, ìlú wo ni kò ní dáàṣì? Bí Ìdó-Èkìtì bá gé sí méjì lẹ́yìn dáàṣì, tí ẹ sì pa á rẹ́, ẹ óò tẹ "ÌdóÈkìtì" fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Bákan náà ni Ọ̀yẹ́-Èkìtì àti Adó-Èkìtì. Ẹ má lo Replace All fún dáàṣì rárá. Ẹ máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkejì ni èdè. Orí ìwé ìtàn ìlú, dandan ni kí ọ̀rọ̀ Èkìtì wà nínú rẹ̀. Ní Èkìtì, `ulé` ni a ń pe ilé. Ẹ̀rọ tí ó kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò á rí `ulé`, á sì fẹ́ sọ ọ́ di `ilé` torí òun ló mọ̀. Bí ẹ bá rí `ilé` nínú ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ń sọ jáde nínú ìtàn náà, ẹ padà sí àwòrán kí ẹ wò ó. Bí òǹkọ̀wé bá kọ `ulé`, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ `ulé`. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tó ń tún sípẹ́lì ṣe fúnra rẹ̀ nínú Word.

Atẹ̀wé Ìkẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ dáàṣì yẹn ti ná àwa atẹ̀wé ní òógùn.

Ọmọ Ìjerò, n kò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ `bbox` dùn mọ́ yín. Fún ojú ìwé 24, ojú tó. Ẹ ṣí PDF sí apá kan, Word sí apá kejì. Ẹ lẹ ọ̀rọ̀ `.txt` ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+8 kí àmì òpin ìlà hàn. Bí ẹ bá rí ọfà kékeré tó tẹ̀ dípò àmì ¶, ẹ kọ́kọ́ yí `^l` sí `^p`. Lẹ́yìn náà ẹ kàn máa wo etí òsì lórí PDF. Ìlà tó bá wọlé, ẹ fi `##` síwájú rẹ̀ nínú Word. Àkọlé, ẹ fi `@@` síwájú rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé àkọlé, ẹ fi `##` sí i bí kò tilẹ̀ wọlé, torí púpọ̀ nínú àwa atẹ̀wé kì í ti ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àkọlé wọlé. Ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà á fo irú èyí.

Báyìí ni yóò rí:

```
@@Àwọn àgbà kó ara wọn jọ
##Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀nà
tó wá láti Ìdó-
Èkìtì ti di ahoro.
##Àwọn àgbà sì sọ pé
```

Tí ẹ bá ti sàmì tán lórí gbogbo ojú ìwé, ẹ ṣe é ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, ẹ má gbé ìkejì ṣáájú èkíní. Ẹ kọ́kọ́ wá `-^p`, ẹ tẹ Find Next, kí ẹ fi ọwọ́ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ orúkọ ìlú ẹ fi dáàṣì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ pa òpin ìlà nìkan rẹ́, èyí tó jẹ́ gígé lásán ẹ pa dáàṣì àti òpin ìlà rẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yí gbogbo `^p` sí àlàfo kan. Gbogbo orí náà á di ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan, ẹ má fòyà. Ẹ wá yí àlàfo tó ní `##` lẹ́yìn sí `^p`, àlàfo tó ní `@@` lẹ́yìn sí `^p@@`. Ìpínrọ̀ á yọjú, àkọlé á dá dúró pẹ̀lú àmì lára. Ẹ lọ sí àkọlé kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Ctrl+Alt+2 kí ó di Heading 2, kí ẹ wá pa `@@` rẹ́. Orúkọ Orí Kẹta fúnra rẹ̀, Ctrl+Alt+1.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ìpínrọ̀ tí ojú ìwé gé sí méjì kì í yọ yín lẹ́nu. Ìlà àkọ́kọ́ ojú ìwé tuntun tí kò wọlé kò ní `##`, torí náà á so mọ́ ìparí ojú ìwé tó ṣáájú fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìjerò

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti ń ṣe é. Mo ti fi ScanTailor gé gbogbo rẹ̀, orúkọ ìwé lókè àti nọ́ńbà ti lọ. `pdfimages` sọ fún mi pé 300 ni síkáànì mi, inú mi dùn. Tesseract ni mo lò, ojú ìwé 24 ló ti kà. Mo sàmì dé ojú ìwé kẹrìnlá.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n, ẹ mọ nǹkan. Mo ti rí `ilé` mẹ́ta, méjì nínú wọn jẹ́ `ulé` nínú ìwé. Mo tún rí i pé 1886 ni ó ń kọ báyìí: `l886`, ó fi lẹ́tà l rọ́pò nọ́ńbà 1. Mo ń wá gbogbo ọdún lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí.

Ìṣòro mi ni èyí. Ojú ìwé ọ̀tún kò dàbí ti òsì. Ní ojú òsì, ìpínrọ̀ máa ń wọlé dáadáa, mo rí 60, 62, 61. Ní ojú ọ̀tún, àwọn ìlà kan wọlé ní 34, òmíràn 38, àwọn ìlà yòókù sì ń lọ láti 236 dé 251, wọn kò dúró sójú kan. Ní ojú ìwé kẹwàá, ìlà kan wọlé ní 30. Ìlà tó ṣáájú rẹ̀ parí pẹ̀lú àmì ìdánudúró, ó sì kún dé etí ọ̀tún. Mo wo àwòrán títí, n kò mọ̀ bóyá ìpínrọ̀ tuntun ni. Bí mo bá kà á, ó dà bí pé ọ̀rọ̀ ti yí padà níbẹ̀.

Ìkejì, àkọlé kékeré kan nínú márùn-ún tóbi bákan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lásán. Ó kàn dúdú jù ni. 46 ni `x_size` rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Adó

Ti àkọlé dúdú yẹn, ẹ má wá a nínú nọ́ńbà, kò sí níbẹ̀. Ojú yín ni kí ẹ fi wá a, kí ẹ fi `@@` sí i.

Ti ojú ọ̀tún, ẹ rántí ibi tí etí òsì rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ìwé ni, ibi tí a ti ran án. Ìwé tí a tẹ́ sílẹ̀ lójú méjì á tẹ̀ wọ inú níbẹ̀, àwòrán á sì fún àlàfo mọ́ra. 62 á di 34 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe. Nínú Output ti ScanTailor, ẹ wá Dewarping, ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí ojú ìwé kan wò. Ó máa ń nà án jáde, ṣùgbọ́n bí ojú ìwé bá tẹ̀ jù, ó máa ń ba lẹ́tà tó wà létí jẹ́.

Atẹ̀wé Ìkẹ́rẹ́

Má fi Dewarping pinnu ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Bí ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá yẹn, kí ni ẹ ń wá kiri? Ẹ lọ ṣí ojú ìwé yẹn, kí ẹ gbé rúlà lé etí òsì. Bí ìlà náà bá wọlé bíi ti ìpínrọ̀ mìíràn lójú ìwé kan náà, ìpínrọ̀ ni. Bí ó bá dọ́gba pẹ̀lú ìlà òkè rẹ̀, gbólóhùn lásán ni, kò sí ohun tí ìtumọ̀ lè ṣe sí i. Ohun tí òǹkọ̀wé fi lé atẹ̀wé lọ́wọ́ la ń tẹ̀ lé.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, bí o bá ń lọ, kọ nọ́ńbà ojú ìwé àtijọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ, kí ó wà láàárín àmì báyìí [67], níbi tí ojú ìwé náà bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ tọ́ka sí ìwé àkọ́kọ́ yóò nílò rẹ̀.

Atẹ̀wé Ìkẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, èyí ni n kò fara mọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gé nọ́ńbà kúrò kí ó má baà dá gbólóhùn dúró. Bí a bá dá a padà, a tún ti gé gbólóhùn. Etí ìwé ni kí ó wà bí ó bá gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjerò

Mo lọ síbẹ̀ lánàá. Bàbá gbé ìwé náà fún mi, mo ṣí ojú ìwé kẹwàá lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, mo sì rọra tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́. Mo fi rúlà wọn ìlà náà: ó wọlé ní milimítà márùn-ún gẹ́lẹ́, bíi ti àwọn yòókù. Ìpínrọ̀ tuntun ni. Mo tún fi rúlà wo gbogbo ojú ọ̀tún mọ́kànlá tó kù. Mo rí ìpínrọ̀ méjì mìíràn tí mo ti so pọ̀ mọ́ èyí tó ṣáájú wọn, ojú ìwé kejìlá àti ojú ìwé ogún. Mo ti fi `##` sí wọn.

Gbogbo orí náà ti wà nínú Word báyìí. Mo ṣí Navigation Pane, àkọlé ńlá náà àti àwọn márààrún kéékèèké wà níbẹ̀ ní tòótọ́, mo sì ti fi máòsì tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé mi dé ibi tó yẹ. Ìpínrọ̀ 71 ni mo kà, mo sì tún kà wọ́n nínú ìwé, 71 ni.

Ti nọ́ńbà inú àmì [67] yẹn, n kò tíì pinnu. N óò gbé e fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé.